Ìparí Ìpín Kẹwàá

Ọgọ́ta ìpín ni eré orí fóònù náà yóò ní, ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́wàá àkọ́kọ́ ni wọn yóò fi han àwọn òǹwòran lọ́fẹ̀ẹ́; láti ìkọkànlá lọ, owó ni wọn yóò san. Ó ku ìparí ìkẹwàá fún òǹkọ̀wé àti ayàwòrán: ẹ̀gbọ́n kan ń kanlẹ̀kùn, àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń bá a bínú wà nínú ilé.

Ayàwòrán gbé fóònù rẹ̀ dúró lóòró. "Àǹtí, ojú rẹ̀ tóóró ni, kò lè gba èèyàn méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Kí àbúrò wà níwájú, kí ilẹ̀kùn wà lẹ́yìn èjìká rẹ̀. Tó bá ti yíjú, tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́, a gé ìpín náà síbẹ̀."

"Rárá. Kó ṣílẹ̀kùn."

"Ẹ ṣí i tán, kí ni wọ́n tún fẹ́ wá wò nínú ìkọkànlá? Ẹ fi oyin kàn wọ́n létè, kẹ́ ẹ gbé ìgò sá lọ!"

Òǹkọ̀wé ò rẹ́rìn-ín. Ní ọdún méje sẹ́yìn, òun gan-an ni àbúrò náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kanlẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìbínú ò jẹ́ kó dìde. Ikú rẹ̀ ni wọ́n wá sọ fún un lọ́jọ́ kejì. Láti ìgbà náà, ilẹ̀kùn kì í dákẹ́ létí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé òótọ́ ni ayàwòrán sọ.

"Ó dáa. Gé e síbẹ̀."

Ó mú ọ̀kan nínú àwọn káàdì tí wọ́n ń kọ ìpín kọ̀ọ̀kan sí, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: Ìpín kọkànlá. Àbúrò ṣílẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ló kún ojú fóònù láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì ń mí.