Fóònù Tí Kò Lè Gbé Àwòrán Jáde

Akọ́lé gbé fóònù bàbá rẹ̀ lé orí tábìlì obìnrin tí ó ń tún fóònù ṣe, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó díẹ̀ kí ó tó yọ ọwọ́ kúrò. Ìyá rẹ̀ jókòó sórí àga ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó wọ aṣọ dúdú. Òwúrọ̀ ọ̀la ni wọn yóò sin bàbá náà, káfíńtà tí ó fi ayùn àti òòlù tọ́ gbogbo ilé.

"Fóònù náà já bọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní ọsibítù," ni ìyá wí. "Láti ìgbà náà ni ojú rẹ̀ kò ti mọ́lẹ̀ mọ́."

Atúnfóònù ní kí wọ́n pe nọ́ńbà náà. Fóònù dún, ó sì gbọ̀n lórí tábìlì, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣú dùdù. Akọ́lé tètè gé ìpè náà.

"Ẹ̀mí ṣì wà nínú rẹ̀," ni atúnfóònù wí. "Sìkírínì nìkan ni ó kú. Kí ni ẹ ń wá níbẹ̀?"

Ìyá ni ó dáhùn. Ọdún kan gbáko ni bàbá àti ọmọ kò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ọmọ náà ti ní kí wọ́n tú òrùlé kan tí bàbá kàn, níṣojú àwọn lébìrà, bàbá sì ti wí níwájú gbogbo ẹbí pé ọmọ náà kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan pósí òun. Àbúrò bàbá di ọ̀rọ̀ yẹn mú ṣinṣin. Ṣùgbọ́n nígbà tí àìsàn náà le, bàbá rán ìyàwó rẹ̀ lọ bu omi, ó sì ká ara rẹ̀ sínú fídíò. Nígbà tí ìyá padà dé, bàbá ní, "Mo ti bá ọmọ rẹ sọ̀rọ̀. Ó wà nínú fóònù."

"Ohun tí ó sọ ni a kò mọ̀," ni ìyá wí. "Bí kò bá sí ẹ̀rí, àbúrò ọkọ mi kò ní jẹ́ kí ó sún mọ́ pósí lọ́la."

Akọ́lé ti mú àdápútọ̀ kékeré kan jáde nínú àpò. "Kò le rárá," ni ó wí fún atúnfóònù. "Èyí ni mo fi ń gbé pílánì ilé sórí tẹlifíṣọ̀n àwọn oníbàárà mi. Ẹ jẹ́ kí a so fóònù Bàbá mọ́ ọn, kí a máa wo ojú rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n yín, kí a sì fi máòsì tẹ̀ ẹ́."

Ọgbọ́n tí ó dára ni, atúnfóònù kò sì tàbùkù rẹ̀. Ó so fóònù akọ́lé fúnra rẹ̀ mọ́ àdápútọ̀ ná, gbogbo ojú rẹ̀ sì yọ gbàgàdà lórí tẹlifíṣọ̀n tí ó wà lára ògiri. Ó wá yọ ọ́, ó ki àdápútọ̀ kan náà bọ ìdí fóònù bàbá. Tẹlifíṣọ̀n kọ ọ́ sójú pé òun kò rí àwòrán kankan. Akọ́lé yí ẹnu àdápútọ̀ padà, ó tún ki í bọ ibẹ̀, ó nu ihò náà, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i.

"Ẹ rọra, ọ̀gá. Kì í ṣe iná ìdáná."

"Ihò kan náà mà ni! Táípù-C ni tèmi, Táípù-C ni tirẹ̀. Iná ara àdápútọ̀ pàápàá ń tàn."

"Iná ń tàn nítorí pé agbára bátìrì ń kọjá. Àwòrán ni kò kọjá." Ó ka nọ́ńbà tí ó wà lẹ́yìn fóònù náà, ó wá a lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì yí kọ̀ǹpútà sí akọ́lé. "Mo ti ń retí pé kò ní jẹ́ irú èyí, ṣùgbọ́n òun náà ni. Ẹ̀yin ń kọ́lé. Bí mo bá kan ẹnu ẹ̀rọ omi mọ́ ògiri yìí, ṣé omi yóò jáde?"

"Láìsí páìpù lẹ́yìn ògiri kẹ̀?"

"Ihò yìí ni ẹnu ẹ̀rọ. Àwọn wáyà tí ó yára wà nínú Táípù-C tí ó pé. Bí a bá so àdápútọ̀ mọ́ ọn, àdápútọ̀ àti fóònù yóò kọ́kọ́ bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti orí wáyà tín-ínrín kan. Àdápútọ̀ yóò ní, 'Àwòrán ni mo fẹ́.' Bí fóònù bá gbà, yóò yá àwọn wáyà tí ó yára wọ̀nyẹn fún iṣẹ́ mìíràn, àwòrán yóò sì máa gba ibẹ̀ kọjá. Ohun tí wọ́n ń pè ní ọ́tánéètì móòdù nìyẹn, pé kí ihò náà fi iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ sílẹ̀, kí ó ṣe òmíràn. Fóònù tiyín mọ̀ ọ́n ṣe. Ti Bàbá yìí, iná àti dátà tí kò yára ni wọ́n fi wáyà sí fún. Àwọn tí ó ṣe é kò la ọ̀nà kankan láti ibi tí àwòrán ti ń wá dé ẹnu ihò."

"Bí a bá ra wáyà tí ó dára jù ńkọ́? Tàbí kí a fi ètò tuntun sí i?"

"Wáyà òde kò lè di páìpù inú ògiri. Ètò kò sì lè so ohun tí a kò so."

"Ẹ fi kọ̀ǹpútà fa fídíò náà jáde nígbà náà."

"Kò ní fún kọ̀ǹpútà ní ohunkóhun àfi bí ẹnìkan bá ṣí i, tí ó sì gbà fún un lójú sìkírínì. Mo lè so kíbọ́ọ̀dù mọ́ ọn, kí n tẹ nọ́ńbà tí a fi ń ṣí i láìríran. Lẹ́yìn ìyẹn, ibo ni n ó mọ̀ láti tẹ̀?"

Ìyá mí kanlẹ̀. "Fóònù tí o fi ránṣẹ́ sí bàbá rẹ lọ́dún tó kọjá," ni ó wí fún ọmọ rẹ̀, "irú tìrẹ, kò tú páálí rẹ̀. Ó ní òun kò ní fi ohun tí ẹni tí kò wá kí òun rà pe ẹnikẹ́ni. Ó lọ ra èyí fúnra rẹ̀."

Akọ́lé jókòó. Ó béèrè bóyá a lè rí sìkírínì mìíràn. Atúnfóònù ti pe àwọn tí ó ń tà á. Ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ ni yóò dé.

Ìyá ṣí àpò ọwọ́ rẹ̀, ó sì mú fóònù tirẹ̀ jáde. "Ọjọ́ kan náà ni ọkọ mi ra méjèèjì, irú kan náà ni wọ́n. Ẹ yọ ojú tèmi fún un."

"Màmá, ó lè fọ́ níbi tí mo ti ń yọ ọ́. Ẹ óò wá pàdánù méjèèjì."

"Ta ni mo tún fẹ́ pè? Ẹni tí mo ń pè ti lọ. Ẹ yọ ọ́, ọmọ mi."

Atúnfóònù fi atẹ́gùn gbígbóná rọ gọ́ọ̀mù etí fóònù ìyá. Ó fi ike pẹlẹbẹ gbé gíláàsì náà díẹ̀díẹ̀, ó tú wáyà inú rẹ̀, ó sì so ó mọ́ fóònù bàbá. Ojú fóònù mọ́lẹ̀.

"Yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan," ni ìyá wí fún ọmọ rẹ̀, bí ó ti fẹ́ tẹ nọ́ńbà tí ó ń ṣí i. "Ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni."

Fídíò náà wà níbẹ̀. Kò sí ojú bàbá nínú rẹ̀. Ó ti di fóònù náà mú sódì, ó kọjú kámẹ́rà sí ara ògiri, ògiri funfun náà ni wọ́n sì ń wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ dún ketekete.

"Ọmọ mi. Mo sọ̀rọ̀ kan níwájú àwọn ènìyàn. Ọ̀rọ̀ ìbínú ni. Orí pósí ni kí o gbé. Àbúrò rẹ ọkùnrin kúrú, bí ó bá gbé orí, èmi yóò yọ̀ bọ́ sílẹ̀ ni. Kí ẹ gbé e tẹ́jú." Ó wúkọ́. "Ìyá rẹ ti ń bọ̀. Báwo ni wọ́n ṣe ń pa nǹkan yìí?"

Akọ́lé gbé orí lé tábìlì láàrin àwọn síkúrù kéékèèké inú fóònù, èjìká rẹ̀ sì ń mì. Kò sí ẹni tí ó ní kí ó dákẹ́.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ìyá na ọwọ́ gba fóònù akọ́lé, nítorí tirẹ̀ kò ní ojú mọ́, ó sì pe àbúrò ọkọ rẹ̀.

"Èmi ni. A ti gbọ́ ọ láti ẹnu ẹ̀gbọ́n yín, ẹ̀yin náà yóò gbọ́ bí a bá dé. Ẹ sọ fún àwọn tí yóò gbé pósí pé kí wọ́n fi orí sílẹ̀ fún ọmọ mi."