Ìlà Kẹfà Káàdì Wáráńtì

Misturat kì í fẹ́ ní kí ẹnikẹ́ni tún àwòrán yà. Ọdún kẹfà rèé tó ti wà nínú ṣọ́ọ̀bù kọ̀mpútà rẹ̀ ní Ìṣẹ́yìn, tó ń tẹ ìwé, tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì, tó sì ń tú ìwé òyìnbó sí Yorùbá fún àwọn tí kò lè kà á. Àwọn ará ọ̀nà jíjìn máa ń fi fóònù ya ìwé wọn, wọ́n á fi í ránṣẹ́ sí i lórí Wasáàpù, òun náà á sì fi ohùn rẹ̀ tú u padà fún wọn. Àwòrán wọ̀nyí kì í sábà dára. Òmíràn á ṣókùnkùn, òmíràn á dojú dé, ìka ẹni tó yà á á sì bo apá kan. Ṣùgbọ́n bó bá ní kí wọ́n tún un yà, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì lè má jẹ́ kó dé títí di ọjọ́ kejì. Nítorí náà, ibi tí kò bá hàn, orí ara rẹ̀ ló fi ń parí rẹ̀. Ó ti parí rẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà tí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, ó sì ti wá ń rí i bí ẹ̀bùn tí Ọlọ́run fún òun.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni àwòrán káàdì wáráńtì wọlé láti Ìwéré-Ilé. Àmọ̀kẹ́ ló fi í ránṣẹ́, obìnrin tó ń ṣe gààrí, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ìyá Sodiqat. Ó fi ohùn tẹ̀lé e.

"Misturat ọmọ mi, ṣé dáadáa lo jí? Ẹ́ńjìnnì tó ń yí ẹ̀rọ tí mo fi ń rin ẹ̀gẹ́ ló kọṣẹ́ lánàá o. Ó kàn dún gbàù lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Kò tíì ju oṣù méje lọ tí mo rà á. Wọ́n ní ìwé tó bá a wá máa sọ bóyá wọ́n lè gbà á padà. Bá mi wò ó. Ẹ̀gẹ́ tá a tu lánàá ti wà nílẹ̀, tó bá fi di ọjọ́ mẹ́ta, yóò dúdú."

Misturat fẹ àwòrán náà lójú fóònù. Lẹ́tà káàdì náà kéré, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì le bí ti lọ́yà, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ ti kọjá lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ó tẹ ibi tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, Ìyá Sodiqat. Ohun tí ìwé yín wí nìyí. Ilé-iṣẹ́ náà ṣèlérí fún oṣù méjìlá, láti ọjọ́ tó wà lórí rìsíìtì yín. Bó bá jẹ́ pé irin rẹ̀ ni kò dára, tàbí pé wọn ò tò ó dáadáa látọ̀dọ̀ wọn, wọ́n á tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, bí kò bá sì ṣeé tún ṣe, wọ́n á fún yín ní tuntun."

Ó wá bọ́ sí àwọn ohun tí káàdì náà kò gbà. Púlọ́ọ̀gì, asẹ́ tó ń sẹ́ ìdọ̀tí, àti okùn tí wọ́n fi ń fà á kò sí nínú ìlérí náà, nítorí lílò ló ń jẹ wọ́n. Bí wọ́n bá lò ó láìsí ọ́ìlì tàbí pẹ̀lú ọ́ìlì tí kì í ṣe tirẹ̀, ó ti tán. Bó bá já bọ́, bí omi bá wọ̀ ọ́, bí iná bá jó o, ó ti tán. Bí mẹ́káníìkì tí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ bá tú u, ó ti tán; ọ̀dà pupa wà lórí àwọn bóòtù rẹ̀, bí wọ́n bá fọwọ́ kan án, yóò hàn. Ó dé ìlà kẹfà, ó sọ ọ́ bó ṣe rí i: bí àwọn mìíràn yàtọ̀ sí ẹni tó rà á bá lò ó, ó ti tán.

Ó parí rẹ̀ pẹ̀lú bí wọn ó ṣe béèrè ẹ̀tọ́ wọn. Kí wọ́n dá iṣẹ́ dúró lórí rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kí wọ́n gbé e wá láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá lẹ́yìn tó bàjẹ́, pẹ̀lú rìsíìtì àti káàdì tí ẹni tó tà á ti lu òǹtẹ̀ mọ́, kí nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnnì sì bá ti orí káàdì mu. Owó ọkọ̀ tí wọ́n fi gbé e wá, ẹni tó rà á ni yóò san án. Ilé àtúnṣe ilé-iṣẹ́ náà tó súnmọ́ jù wà ní Ìṣẹ́yìn, lọ́dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Ògúndèjì. Misturat fi ohùn náà ránṣẹ́, ó sì padà sí ìwé ìpè ìgbéyàwó tó ń tẹ̀.

Àárọ̀ Ọjọ́rú ni èsì tó wọlé, bẹ́ẹ̀ ìrọ̀lẹ́ Ìṣẹ́gun ni Àmọ̀kẹ́ ti sọ ọ́.

"Ọlọ́run á san án fún ẹ. Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ó dùn mí, nítorí ọ́ìlì mi péye, kò já bọ́ rí. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ti lò ó. Àwa márùn-ún la jọ ń ṣe àáró. Tá a bá rin tèmi lónìí, ti Àwáwù la máa rin lọ́la, ẹ̀rọ mi náà la fi ń rin ín. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ń pe Àwáwù ní ẹlòmíràn. Mi ò sì lè dúró níwájú ilé-iṣẹ́ kí n purọ́. Kàdírì mẹ́káníìkì ti ní òun á bá mi tú u láàárọ̀ ọ̀la."

Misturat tẹ́tí sí i lẹ́ẹ̀mejì. Ilé-iṣẹ́ wo ni yóò ta ẹ́ńjìnnì fún oníṣẹ́, tí yóò sì ní kí aládùúgbò rẹ̀ má fọwọ́ kàn án? Ó ṣí àwòrán náà, ó fẹ̀ ẹ́ títí lẹ́tà fi bẹ̀rẹ̀ sí í pínyà. Ní ìlà kẹfà, lẹ́yìn "yàtọ̀ sí ẹni tó rà á," kò sí àmì ìdánudúró kankan. Àtàǹpàkò Àmọ̀kẹ́ ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú èékánná rẹ̀. Misturat fúnra rẹ̀ ló fi àmì síbẹ̀.

Ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó sáré lọ bá Ògúndèjì. Ọkùnrin náà yọ irú káàdì kan náà láti inú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀. Ìlà náà parí báyìí: yàtọ̀ sí ẹni tó rà á, tí wọ́n ń sanwó fún un.

"Háyà ni wọ́n ń sọ," Ògúndèjì wí. "Ẹni tó rà á, tó wá ń fi rẹ́ǹtì fún àwọn èèyàn. Àáró? Kí ló kan ilé-iṣẹ́ nínú àáró? Sọ fún màmá náà kó gbé e wá. Ṣáà máà jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tú u."

Misturat pe Àmọ̀kẹ́, kò wọlé. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹ́jọ. Ó fi ohùn ránṣẹ́, àmì kan ṣoṣo ló hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò di méjì, kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rù wá bà á ní tòótọ́. Ó wọ bọ́ọ̀sì dé Òkèhò, ó gun ọ̀kadà láti ibẹ̀, eruku pupa bò ó látòkè délẹ̀, gbogbo ọ̀nà náà ló sì ń gbàdúrà pé kí Kàdírì pẹ́ lójú oorun.

Wọ́n ti kí ìrun ọ̀sán tán nígbà tó dé. Kàdírì kò pẹ́ lójú oorun. Ẹ́ńjìnnì náà wà lórí àpò lábẹ́ igi káṣù, ó ti di wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, àwọn bóòtù rẹ̀ sì wà nínú abọ́ epo bẹntiróòlù, tí ọ̀dà pupa ń ṣí kúrò lára wọn. Àmọ̀kẹ́ jókòó lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ kú ọ̀nà o," Kàdírì wí, inú rẹ̀ sì dùn bí ẹni tó jáwé olúborí. Ó gbé irin kan tó ti dá sí méjì sókè. "Ẹ wò ó, ọ̀pá tó gbé pístìn dúró ni. Ẹ wo ojú ibi tó ti dá. Apá kan ń dán, ìyẹn ló dá lọ́jọ́ Ajé. Apá kejì ti dúdú. Ó ti sán láti ibi tí wọ́n ti rọ ọ́. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni níbí."

Misturat wo irin náà. Ohun tí káàdì náà ṣèlérí lé lórí gan-an nìyẹn. Ó kúnlẹ̀ níwájú Àmọ̀kẹ́, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ láìbò ó.

"Èmi ni mo ṣì í, mà. Ìka yín bo ìparí ìlà náà. Mi ò béèrè, mo kàn parí ẹ̀ fúnra mi. Háyà ni wọ́n kọ̀. Wọn ò kọ àáró."

Àmọ̀kẹ́ kò pariwo. "Ká ní a ò tú u, wọn ì bá fún mi ní tuntun?"

"Wọn ì bá fún yín, mà."

"Ọ̀dà pupa ṣáà ni," Kàdírì dá sí i, ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀. "Kútẹ́ẹ̀sì ìyàwó mi wà nílé. Bí mo bá tò ó padà tí mo sì kùn ún, ta ló máa mọ̀?"

"Àná tí mo rò pé irọ́ nìkan ló lè gbà mí, mi ò pa á," Àmọ̀kẹ́ wí. "Ṣé òní ni kí n wá pa á?" Ó yíjú sí Misturat. "Jẹ́ kó yé mi dáadáa. Lílò tí Àwáwù lò ó, kò ba nǹkan kan jẹ́?"

"Kò ba nǹkan kan jẹ́."

Àmọ̀kẹ́ dìde, ó fà á lọ́wọ́ lọ sẹ́yìn ilé. Obìnrin mẹ́rin ló jókòó yí òkìtì ẹ̀gẹ́ ká. Wọ́n ń fi ọwọ́ rin ín, lára páànù tí wọ́n fi ìṣó dá lu, bí wọ́n ṣe ń ṣe é kí ẹ̀rọ tó dé. Wọ́n ti fi àkísà di ìka wọn, ẹ̀jẹ̀ sì ti hàn lára àkísà ẹni méjì.

"Láti àná ni wọ́n ti wà níbẹ̀," Àmọ̀kẹ́ wí. "Mo sọ fún wọn pé ọwọ́ wọn ló ba káàdì mi jẹ́. Àwáwù tó jù mí lọ lọ́jọ́ orí, ó kúnlẹ̀ fún mi. Gbogbo wọn bẹ̀ mí, wọ́n ní àwọn á fọwọ́ rin gbogbo ẹ̀gẹ́ mi tán kó má baà bàjẹ́, pé lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ò ní fọwọ́ kan ohun ìní mi mọ́. Mo sì ní mo ti dárí jì wọ́n. Misturat, kí ni mo dárí ẹ̀ jì?"

Ojú ti Misturat débi pé ó wu ú kó yí padà sọ́nà Òkèhò. Ó súnmọ́ àwọn obìnrin náà, ó kí wọn, ó sì sọ ìlà kẹfà fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, títí kan èyí tó ti ṣèèṣì gé kúrò. Ó sọ pé ẹ̀bi òun ni. Àwọn mẹ́ta dáwọ́ dúró. Àwáwù, tó dàgbà jù nínú wọn, kò dáwọ́ dúró.

Nígbà náà ni Àmọ̀kẹ́ kúnlẹ̀ sáàárín èèpo ẹ̀gẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó wí, "ẹ̀yin ló yẹ kẹ́ ẹ dárí jì mí."

Àwáwù kọ́kọ́ rin ẹ̀gẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, kó tó gbójú sókè wò ó.