Májèlé Kọ́, Oògùn Ni

Ìyá àgbà kan gbé ológbò rẹ̀ tọ̀ mí wá nínú apẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ẹran tí mo ti ń ṣe dókítà. Mo ṣí ẹnu ẹran náà: erìgì rẹ̀ ti dúdú bí omi tíì. Ojú rẹ̀ wú, ó sì ń mí hẹlẹhẹlẹ.

“Kí lẹ fún un, mà?”

“Wàrà. Wọ́n ní ó máa ń pa oró.”

“Ṣáájú wàrà ńkọ́?”

“Ara rẹ̀ ló gbóná láàárọ̀ àná. Mo fún un ní parasitamọ́, ìdajì péré, bí ọmọdé.”

Inú bí mi. Parasitamọ́ tó ń wo ọmọ ènìyàn sàn kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ológbò gbé afẹ́fẹ́ mọ́. Ká ní ìyá náà tètè gbé e wá lánàá, láìfún un ní nǹkan kan mọ́, pẹ̀lú páálí oògùn lọ́wọ́, bóyá à bá rí i ṣe. Mo fi afẹ́fẹ́ sí i nímú, mo gún un lábẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

“Ẹ pè mí lánàá pé ó ń bì! Mo bi yín bóyá ó jẹ májèlé, ẹ ní rárá!”

Ìyá náà ń fọwọ́ pa ológbò náà létí. Ẹran náà ò mí mọ́.

“Májèlé lo béèrè, ọmọ mi. Oògùn ni mo fún un.”