Ohun Tí Irùngbọ̀n Nùrẹ́nì Bò

Irùngbọ̀n Nùrẹ́nì kì í ṣe kékeré. Òun ni gbogbo Agbowó, níbi tó ti ń ránṣọ, fi ń dá a mọ̀, òun náà ni Ràfátù bá lójú rẹ̀ nígbà tó fẹ́ ẹ lọ́dún mẹ́jọ sẹ́yìn. Ràfátù ò rí àgbọ̀n ọkọ rẹ̀ rí. Ìdí nìyẹn tó fi rọrùn fún un láti máa jiyàn pé ọ̀dọ̀ ìyá òun ni Ìdáyátù ọmọ wọn ti mú kòtò kékeré tó wà lágbọ̀n rẹ̀. Nùrẹ́nì a ní òun lòun ni ín. Ràfátù a ní irọ́ ni, kó fá irùngbọ̀n kóun rí i. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ máa ń parí sí.

Alẹ́ Sátidé kan ni eyín ńlá ìsàlẹ̀ tó ti ń dun Nùrẹ́nì díẹ̀díẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta wá gbé ìjà dé. Kò sí dókítà eyín tó ṣí mọ́, àfi Mọ́ńdè. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ti bu omi bátìrì fún un sínú ike pé kó kán an sí eyín náà, àwọn ọ̀rẹ́ kan ò sì yàtọ̀ sí ọ̀tá. Ràfátù gba ike náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó pe Ṣùkúrát, àbúrò rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì nílé ìtọ́jú eyín kan ní Jericho.

"Omi bátìrì á bó ẹnu wọn," ni Ṣùkúrát wí. "Kí wọ́n lo parasitamọ́ọ̀ méjì, kó pé wákàtí mẹ́fà kí wọ́n tó lo méjì mìíràn. Kí wọ́n fi omi iyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ yọ ẹnu, kí wọ́n tu ú dànù. Ẹ fi aṣọ tẹ́ ẹ rẹ sómi tútù lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ níta, ẹ má fi ohun gbígbóná lé e. Kí wọ́n gbórí sókè lórí ìrọ̀rí. Ṣùgbọ́n, ẹ̀gbọ́n mi, tí abẹ́ àgbọ̀n bá wú, tí ẹnu ò bá yà dáadáa, tí wọn ò lè gbé itọ́ mì, tí ohùn yí padà tàbí tí èémí ń há, ẹ má dúró kí ilẹ̀ tó mọ́ o, ilé ìwòsàn ni. Ṣé ó wú?"

Ràfátù tan tọ́ọ̀ṣì sí i. "Kò wú," ó ní. Irùngbọ̀n ló rí.

Wọ́n ṣe gbogbo ohun tí Ṣùkúrát sọ. Nígbà tó di aago méjì òru, tí àkókò àtilo parasitamọ́ọ̀ lẹ́ẹ̀kejì tó, Nùrẹ́nì juwọ́ sí i pé ìrora ti dín kù. Inú Ràfátù dùn. Ó gbé omi fún un, Nùrẹ́nì sì ṣe Bìsìmílà. Ohùn tó jáde dà bíi ti ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Omi tó gbé sẹ́nu ṣàn padà sáyà rẹ̀.

 Ràfátù ki ọwọ́ bọ inú irùngbọ̀n náà, ó fọwọ́ kan abẹ́ àgbọ̀n lọ́tùn-ún lósì. Ó wú, ó gbóná, ó le bíi pákó.

"Ẹ má wo ti ìrora tó dín kù," ni Ṣùkúrát wí lórí fóònù. "Ẹ má fún wọn ní nǹkan kan mọ́, omi pàápàá. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dùbúlẹ̀, kí wọ́n jókòó. Ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn ńlá báyìí."

Ọ̀gbẹ́ni Akíndúró, olùkọ́ yunifásítì tó ń gbé yàrá òkè, kò bèèrè ohunkóhun. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ló mú. Ràfátù di ọkọ rẹ̀ mú lẹ́yìn mọ́tò, ó ń ka èémí rẹ̀ títí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn.

Àwọn nọ́ọ̀sì fa omi àti oògùn sí i lára, wọ́n fi rọ́bà atẹ́gùn sí i nímú kó lè mí. Dókítà ní àwọn máa la abẹ́ àgbọ̀n kí ọyún lè jáde, nítorí náà irùngbọ̀n gbọ́dọ̀ lọ. Nùrẹ́nì fọwọ́ bò ó, ó wo ìyàwó rẹ̀.

"Bàbá Ìdáyá," ni Ràfátù wí, "irun á hù padà. Ẹ̀mí kì í hù."

Nùrẹ́nì gbé ọwọ́ kúrò.

Ilẹ̀ ti mọ́ nígbà tí dókítà jáde. Ó ní àwọn ti fa ọyún náà, àwọn ti yọ eyín náà, èémí sì já geere. "Ẹ ṣeun tẹ́ ò dúró de Mọ́ńdè," ó ní.  Ràfátù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún ayọ̀, kò tijú ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí wọ́n jẹ́ kó wọlé, omijé ò tíì gbẹ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Báńdéèjì wà lọ́rùn Nùrẹ́nì, ojú rẹ̀ sì mọ́ bíi tọmọdé. Kò tíì lè sọ̀rọ̀. Ó kàn gbé ìka kan sókè, ó fi kan kòtò kékeré tó wà lágbọ̀n rẹ̀, ó ń dúró.

"Ó dáa," ni Ràfátù wí. "Ẹ̀yin lẹ ni ín."