Ìgbátí Tí Ó Ṣíwájú

Olùkọ́ ìtàn ni ọkùnrin náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, ó jókòó sí yàrá ìpàdé àwọn olùkọ́ pẹ̀lú àbọ̀ ìdánwò lórí itan rẹ̀. Nínú ogójì akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, méjìdínlógójì ni ó fìdí rẹmi. Ọ̀gá ilé-ìwé sì ti sọ pé bí ó bá jẹ́ ọ̀lẹ ni ó fà á, gbogbo wọn yóò tún kíláàsì kà.

Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó ń ṣí ìdérí bírò, ó ń dé e.

Olùkọ́ ìṣirò ní, "Tíṣà, ẹ jẹ́ kí bírò yẹn sinmi. Òun kọ́ ló fìdí rẹmi."

Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín, àfi ọ̀gá. Ó ní, "Ẹ ka ohun tó fà á fún wa, kí èyí tó wúwo jù ṣíwájú."

Ó dìde. "Ìkíní, àwọn ọmọ kò kàwé. Ìkejì, ìbéèrè le. Ìkẹta, ìwé kò tó."

"Kí ló gbé àìkàwé ṣíwájú?" ni ọ̀gá bi í.

Ó tún ṣí ìdérí bírò, ó dé e.

Ọ̀gá bá yíjú sí olórí kíláàsì, ọmọbìnrin tí wọ́n ní kí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ìbéèrè wo ló gbé yín ṣubú?"

"Ìbéèrè kẹta, Mà. Èwo ló wúwo jù nínú ohun tó mú àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè daṣẹ́ sílẹ̀, kí a sì gbèjà ìdáhùn wa. Àwa tó ṣubú kọ ọ́ pé ìgbátí tí ọ̀gá iṣẹ́ gbá òṣìṣẹ́ kan ni àkọ́kọ́, wákàtí iṣẹ́ tó gùn jù ni ìkejì, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tuntun ni ìkẹta." Ó kà á geerege bí ẹni ń ka a-b-d.

"Kí ló gbé ìgbátí ṣíwájú?"

"Bí Tíṣà ṣe kọ ọ́ sára pátákó nìyẹn, Mà."

 Olùkọ́ ìtàn tú ojú ewé àbọ̀ ìdánwò tí ó ti ṣẹ́ po láti àárọ̀. Ohun tí olùyẹ̀wò kọ síbẹ̀ ni pé àwọn ọmọ to ìdí, wọn kò fi ọ̀kan wọn èkejì. Nínú àwọn méjì tí ó yege, ọ̀kan gbé wákàtí ṣíwájú, ó ní: "Bí kò bá sí ìgbátí, ohun mìíràn ì bá dá ìjà náà sílẹ̀ láìpẹ́, bí kò bá sí wákàtí gígùn, ìgbátí ì bá parí sí ẹjọ́ ẹni méjì." Èkejì gbé ìgbátí ṣíwájú, ó ní ọdún mẹ́wàá ni wọ́n ti fara da wákàtí náà láìjà. Máàkì kan náà ni àwọn méjèèjì gbà.

Olùkọ́ ìṣirò mí kanlẹ̀. "Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́. Òkè la ń wò, a ò wo ìsàlẹ̀."

"Tíṣà," ni ọ̀gá wí, "ẹ tún un tò."

Ó sọ bírò kalẹ̀. "Bí ìbéèrè bá rọ̀, wọn ì bá ṣì kọ ohun kan náà. Bí ìwé bá pọ̀, tèmi ni wọn ì bá ṣì há sórí. Wọ́n sì kàwé, Mà; ọ̀rọ̀ kan kò yẹ̀ lẹ́nu wọn." Ó wo ọmọ náà. "Ẹ wá yọ ẹni tó to ìdí sára pátákó láìsọ ohun tó fi tò ó bẹ́ẹ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. Wọn kì bá tí fìdí rẹmi. Èmi ni ẹni náà."