Sùtánà Nínú Omi Pupa

Àwọn àárọ̀ kan wà tí Hezekiah ọkọ mi máa ń jí kí àkùkọ tó kọ. Màá gbọ́ ìró sálúbàtà rẹ̀ títí dé ẹ̀gbẹ́ ilé, màá gbọ́ omi tó ń ya ṣọ̀ọ̀ láti ẹnu ẹ̀rọ ìta, òun náà á sì máa fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kọrin ìjọ. Aládùúrà ni wá. Mo mọ bí a ṣe ń gbàdúrà sí omi, nítorí náà n kò bi í léèrè rí. Tó bá ṣe díẹ̀, á kan fèrèsé, á ní, "Morẹ́nikẹ́, ó ti mọ́ o." Èmi á dáhùn láti orí bẹ́ẹ̀dì pé, "Mo ti gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n sùn díẹ̀ sí i." Oorun dùn mọ́ mi, n kò sì rí ìdí tí ọkùnrin kan fi ní láti máa kéde pé ilẹ̀ mọ́, bí ẹni pé òun ló rán oòrùn níṣẹ́.

Hezekiah kú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Káfíńtà ni. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ọ̀rányàn pé kí òun sinmi díẹ̀, kò sì dìde mọ́.

Láti ìgbà náà, n kò mọ nǹkan kan lára. Ẹ mọ bí ẹsẹ̀ ṣe ń rí tí èèyàn bá jókòó lé e títí tó fi kú? Bí gbogbo ara mi ṣe rí nìyẹn. Àwọn èèyàn ń wọlé, wọ́n ń sọ pé ẹ kú ará fẹ́ra kù, mo ń sọ pé ẹ ṣé. Wọ́n gbé oúnjẹ wá, mo jẹ ẹ́, n kò mọ̀ bóyá iyọ̀ wà nínú rẹ̀. N kò sunkún. Kì í ṣe pé n kò fẹ́, ẹkún ni kò wá. Sìsítà Comfort, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tó wá láti Òkè-Àdó láti bá mi jókòó, ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí. Mo gbọ́ ọ tó ń sọ ọ́ lórí fóònù pé, "Ojú ìyàwó gbẹ o. Ó gbẹ táútáú." Kò parọ́.

Ọjọ́ Sátidé la fẹ́ sin ín. Láàárọ̀ Fúráìdè, Sìsítà Comfort já sùtánà funfun Hezekiah sílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Sùtánà yìí ni wọ́n máa wọ̀ fún un nínú pósí, àwọn ará mọ́ṣúárì sì ti ní ká gbé aṣọ wá kó tó di ìrọ̀lẹ́. Ọrùn rẹ̀ ti dọ̀tí díẹ̀.

Ó ní, "Ìyàwó ló ń fọ aṣọ tí ọkọ máa wọ̀ lọ. Gbà."

Ẹ̀ẹ̀rùn ti mú kànga wa, ẹrẹ̀ ló kù nísàlẹ̀. Omi ẹ̀rọ náà ò sì yọ fúngbà díẹ̀, nítorí páìpù ńlá bẹ́ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó ti Mápó bọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ omi ti tún un ṣe ní ìrọ̀lẹ́ àná. Mo gbọ́ tí ẹ̀rọ ilé ìdáná ń wúkọ́, tó ń tu afẹ́fẹ́ jáde. Mo fi sùtánà sínú garawa, mo da ọṣẹ sí i, mo ṣí ẹ̀rọ lé e lórí, mo sì wọlé lọ jókòó. N kò wo omi náà. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, n kò wo ohunkóhun.

Igbe Sìsítà Comfort ló mú mi jáde. Omi inú garawa ti pọ́n bíi tíì tí wọ́n gbàgbé lórí iná. Sùtánà náà ti mu ún, láti àyà dé etí ẹsẹ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ nìyí," ló wí. Ohùn rẹ̀ ti wá sílẹ̀, ìyẹn ló burú jù. "Morẹ́nikẹ́, kí lo fi àbúrò mi ṣe?"

"Omi ẹ̀rọ ni, Sìsítà."

"Omi ẹ̀rọ ilé yìí ti pọ́n báyìí rí?"

Mo rò ó. Láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ, n kò rí omi pupa lẹ́nu ẹ̀rọ wa rí. "Rárá," ni mo wí. Òótọ́ ni, òótọ́ náà ló sì so okùn mọ́ mi lọ́rùn.

Ó yẹ kí ẹ̀rù bà mí. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ. Tó bá dé etí àwọn alàgbà àti mọ̀lẹ́bí, wọ́n á dá ìsìnkú dúró, wọ́n á ní kí n kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ kí n jẹ́wọ́. Aṣọ òkú tó di ẹ̀jẹ̀, ìyàwó tí kò sunkún: kí ni wọ́n tún ń wá? Àwọn ọmọ mi á máa gbọ́ ọ títí ayé. Mo mọ gbogbo èyí bí èèyàn ṣe ń mọ ọ̀rọ̀ ilé onílé. Mo kàn dúró ti garawa.

"Èmi ò ní jẹ́ kí àbúrò mi wọ ẹ̀jẹ̀ wọlẹ̀," ni Sìsítà Comfort wí. "Màá kọ́kọ́ fọ èyí. Lẹ́yìn náà, màá pe alàgbà." Ó ti gbé ike bílíìṣì, ó ti ń yí ìdérí rẹ̀.

"Màmá, ẹ dúró! Ẹ má dà á sí i o!"

Ọkùnrin kan ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wọ bàtà rọ́bà tí ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́. Ó ní Ọlámilékan lórúkọ òun, pé òun wà lára àwọn tó tún páìpù ṣe lánàá, òun sì ń lọ láti ojúlé dé ojúlé láti wo bí omi ṣe ń yọ.

"Bílíìṣì á jẹ́ kí àwọ̀ yẹn lẹ̀ mọ́ aṣọ pátápátá ni," ló wí. "Irin tó dípẹtà ló wà nínú omi yẹn."

"Ẹ̀jẹ̀ ni," ni Sìsítà Comfort wí.

"Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, ẹ fún mi ní ife dígí kan."

Ó bu omi pupa náà láti ẹnu ẹ̀rọ, ó gbé ife sórí ògiri kékeré tó wà lẹ́yìnkùlé, kò sì fọwọ́ kàn án mọ́. Ó ní páìpù abẹ́ títì yẹn ti pẹ́, irin ni, ó sì ti dípẹtà nínú. Bí omi bá ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ lójoojúmọ́, ìpẹtà àti ìdọ̀tí á sùn sísàlẹ̀ páìpù. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti omi pa láti tún ibi tó bẹ́ ṣe, tí wọ́n sì ṣí i padà, omi á ya wọlé pẹ̀lú agbára, á rú gbogbo ohun tó ti sùn náà dìde. Iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ sì lè wọlé níbi tí wọ́n gé. Ó ní àwọn ṣí omi dànù lójú títì lánàá, àmọ́ kò lè tán síbẹ̀.

"Ilé tó wà lókè yín, pupa. Ilé tó tẹ̀lé e, pupa. Tó bá jẹ́ tiyín nìkan ló pọ́n, màá ní ká wo páìpù inú ilé yín. Gbogbo àdúgbò ni."

Mo rò ó lọ́kàn pé àwọn ìyàwó tó pa ọkọ ti wá pọ̀ jù ládùúgbò yìí.

Ó tọ́ka sí ife. Omi òkè rẹ̀ ti ń dá, nǹkan pupa ti rì sísàlẹ̀. Ó rọra da omi òkè nù, ó sì gbé ìsàlẹ̀ rẹ̀ fún Sìsítà Comfort. Ìyẹn fi ìka méjì ra á wò. Ó tún ra á.

"Ó ń ṣe ṣákaṣàka bí iyanrìn," ló wí.

"Kí ni ká wá ṣe?" Èmi ni mo bèèrè. Ohùn mi yà mí lẹ́nu.

Ọlámilékan ní kí n ti ẹ̀rọ ilé ìdáná, kí n sì ti èyí tó ń gbé omi lọ sí táǹkì, kí ìdọ̀tí má baà lọ jókòó síbẹ̀. Ká má fọ aṣọ, ká má fi dáná, ká má mu ún. Ká fi èyí tó pọ́n da ilé ìyàgbẹ́. Tó bá sì ti dá tán, ká ṣì máa sè é ká tó mu ún fún ọjọ́ mélòó kan, torí wọ́n la páìpù. Tó bá ṣì pọ́n lọ́la, ká wá sí ọ́fíìsì wọn. Ní ti sùtánà, ká má jẹ́ kó gbẹ. Ká fi omi tó dá ṣan án, ká fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i pẹ̀lú iyọ̀, ká fi sílẹ̀ díẹ̀, ká tún fọ̀ ọ́.

"Ẹ̀rọ wo ni omi kọ́kọ́ ń dé tó bá ti títì wọlé?"

Mo mú un lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé. Ó di orí ẹ̀rọ ìta mú bí ẹni tó fẹ́ bá a jà, ṣùgbọ́n wẹ́rẹ́ ló ṣí. Omi pupa ya bọ́ sórí òkúta pẹlẹbẹ kan tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì gba ojú gọ́tà tóóró tí ẹnìkan là lọ sí ìta. Ọlámilékan wo òkúta náà. Omi ti jẹ ojú rẹ̀ wọnú.

"Màmá, ṣé omi yín ti pọ́n báyìí rí?"

"Kò pọ́n rí."

"Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìgbà tí a bá tún páìpù yìí ṣe ló ń pọ́n, ní gbogbo ilé. Ẹnìkan ló ti ń ṣí i dànù níbí kí ẹ̀yin tó jí. Ibí gan-an ló yẹ kó ti ṣe é, kó máa fi ike funfun bù ú wò títí tó fi máa mọ́."

Ike funfun kan wà lórí fèrèsé wa níta. Èmi ti máa ń rò pé ike àdúrà ni.

Nígbà tó gbọ́ pé a ń ṣọ̀fọ̀, ó kí wa kú ará fẹ́ra kù, ó sì lọ sí ojúlé kejì. Mo dúró, mo ń wo omi. Ó pọ́n, ó di bí ọsàn tó pọ́n, ó di bí ògì tó fúyẹ́. Nígbà tí Sìsítà Comfort yọ sí mi, ó ti dá gaara. Garawa wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ wà nínú àwo. Mo na ọwọ́, kò fún mi.

"Lọ jókòó," ló wí. "Jẹ́ kí n fọ̀ ọ́."

Mo wọlé, mo dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ní ìhà tèmi. Mo gbọ́ omi tó ń ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Mo gbọ́ ọ tó ń fi ọwọ́ gbo aṣọ, tó ń ṣan án, tó tún ń gbo ó. Lẹ́yìn náà, omi dákẹ́. Ẹsẹ̀ wá sí abẹ́ fèrèsé, ó dúró.

Sìsítà Comfort kan fèrèsé. "Ìyàwó, ó ti mọ́ o."

"Mo ti gbọ́," ni mo dáhùn. "Ẹ jẹ́ kí n..."

Níbẹ̀ ni ẹkún ti já lù mí.