Omi Tí A Fi Ń Fọ Rọ́bà Ọrùn

Ẹnu mi mú. Ẹnu-Abẹ́rẹ́ ni gbogbo wọ́ọ̀dù ń pè mí, àtọ̀gá àtọmọṣẹ́. Ẹnu yẹn náà ló dákẹ́ lọ́jọ́ tó yẹ kó sọ̀rọ̀.

Aránṣọ ni màmá tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kẹta. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un níkùn, wọ́n sì ki rọ́bà tín-ínrín bọ iṣan ọrùn rẹ̀ fún oògùn. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ni mò ń gún un ní hẹ́párìn, kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì sí i lẹ́sẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, bẹ́ ẹ ṣe ń gún mi yìí, ṣé ẹ̀yin náà ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ ni?"

"Màmá, tèmi ò ní bátànì."

Ẹ̀rín ń pa wá. Nígbà tó di ọjọ́ keje, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ wú. Ẹsẹ̀ tó fi ń tẹ ẹ̀rọ nìyẹn.

Bàbá Láàbù, tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gòkè wá pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. "Àwọn adíhò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, àwọn tó ń dí ojú ọgbẹ́, òjìlélúgba ni wọ́n lọ́jọ́ tó wọlé. Ọgọ́rin ló kù."

Dókítà ní, "Ẹ jẹ́ ká fa òmíràn sí i lára."

"Ẹ má dán an wò! Ẹ̀jẹ̀ ló dì sí i lẹ́sẹ̀ yẹn, igi lẹ sì fẹ́ kó sínú iná."

Mo dá sí i. "Bàbá, ẹ̀jẹ̀ tí adíhò rẹ̀ ń tán lọ, kí ló kù tó máa fi dì? Afẹ́fẹ́?"

"Ẹnu-Abẹ́rẹ́, fetí sílẹ̀. Adíhò ní èròjà kan tó máa ń tú síta. Hẹ́párìn á lẹ̀ mọ́ ọn. Bí méjèèjì bá ti so pọ̀, ara ẹlòmíì á kà wọ́n sí àjèjì, á sì kó ọmọ ogun dìde sí wọn. Ibi tí wàhálà wà ni pé àwọn ọmọ ogun yẹn á gbá àwọn adíhò fúnra wọn jí. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í so mọ́ra láìsí ọgbẹ́, wọ́n á sì ru ẹ̀jẹ̀ yòókù sókè láti dì. Ibi tí àwọn tó sọnù lọ nìyẹn: inú ìdìpọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni púpọ̀ wọn wà."

Oògùn tí a fi ń dènà dídì ló ń mú un dì. Dókítà fi bírò pupa fagi lé hẹ́párìn, ó kọ abẹ́rẹ́ mìíràn tí kò bá a tan. Èmi fúnra mi lẹ ìwé mọ́ orí bẹ́ẹ̀dì: HẸ́PÁRÌN, Ó TI O.

Ọjọ́ méjì kọjá, iye náà ò gòkè. Ó já sí ogójì. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù, ó ń dúdú.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, mo fa dúrọ́ọ̀ láti mú omi tí a fi ń fọ rọ́bà ọrùn, kó má baà dí. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ là ń ṣe é. Inú síríńjì ni wọ́n ti ń rọ ọ́ wá; omi la máa ń pè é, kì í wọ ìwé oògùn. Èwo ni kí èèyàn kọ omi sílẹ̀? Mo yí síríńjì náà padà, mo ka lẹ́tà wínníwínní tó wà lára rẹ̀. Hẹ́párìn ló wà nínú rẹ̀.

Láti ọjọ́ tí mo ti lẹ ìwé yẹn, lábẹ́ rẹ̀ gan-an ni mo ti ń fún un ní hẹ́párìn.

N kò lò ó. Mo jù ú sápò, mo gbéṣẹ́ sílẹ̀ fún nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ mi, mo sì lọ sílé. Mo ní kí n kọ́kọ́ wá bí mo ṣe máa sọ ọ́. Irọ́ ni. Ẹ̀rù ló bà mí.

Nígbà tí mo fi ń wá ọ̀rọ̀ nílé, nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ mi ti fa dúrọ́ọ̀ kan náà, ó ti fún un lẹ́ẹ̀mejì.

Láàárọ̀, mo gbé síríńjì náà síwájú Dókítà. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n kó gbogbo rẹ̀ jáde nínú dúrọ́ọ̀, tí wọ́n sì yọ rọ́bà ọrùn náà, torí hẹ́párìn lè wà lára òun náà. Wọ́n fi òmíràn sí apá rẹ̀. Iye náà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè: àádọ́ta, àádọ́rùn-ún. Ẹsẹ̀ padà móoru. Àmọ́ ìka méjì ti kú, wọ́n sì gé wọn.

Mo jókòó ti màmá, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan ti àpò mi. Ó wo báńdéèjì ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ìka méjì yìí," ó ní, "èwo ni ti àṣìṣe, èwo ni ti ìdákẹ́?"

"N kò mọ̀, Màmá."

Nígbà tí àsìkò tó láti fọ rọ́bà apá, mo mú síríńjì tuntun. Ó fa apá rẹ̀ sẹ́yìn.

"Ka ohun tó wà lára rẹ̀. Kà á sókè."

"Omi iyọ̀, Màmá."

"Tún un kà. Jẹ́ kí wọ́ọ̀dù gbọ́."

Mo tún un kà.